Òpó Mẹ́rin Nínú Ìpínrọ̀ Karùn-ún

Ìgbìmọ̀ ilé-ìwé kan ní kí ẹnjiníà wá yẹ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì wọn wò. Ilé alájà mẹ́ta ni, ọdún 1984 ni wọ́n kọ́ ọ. Àwọn olùkọ́ ló kọ́kọ́ pariwo pé pílásítà ń já bọ́ lára òpó ẹ̀yìn ilé, nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti pé irin ti yọjú síta níbì kan. Ìgbìmọ̀ wá owó, ẹnjiníà kó irinṣẹ́ dé, ó wọn tibí, ó lu tọ̀hún, nígbà tó yá ó fi ìjábọ̀ olójú ewé 64 ránṣẹ́. Àwọn méje ni yóò fi ìjábọ̀ náà ṣe ìpinnu: ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti fẹ̀yìn tì, akáńtáǹtì kan, pásítọ̀ kan, lọ́yà kan, ìyálọ́jà kan àti òbí méjì. Kò sí ẹnjiníà nínú wọn. Ojú ewé méjì tí wọ́n kọ "Àkópọ̀" sí lórí ni gbogbo wọn yóò kà, bóyá nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà ìpàdé. Ojú ewé 62 tó kù wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ rí ẹ̀rí.

Ẹ má wá ilé-ìwé náà kiri. Èmi ni mo to àpẹẹrẹ yìí pọ̀, kí n lè fi bí a ṣe ń tún irú àkópọ̀ bẹ́ẹ̀ kọ hàn yín láìtú àṣírí ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gba ìjábọ̀ ẹnjiníà rí yóò dá ohùn rẹ̀ mọ̀. Bí àkópọ̀ náà ṣe lọ nìyí:

> "Ìgbìmọ̀ alábòójútó ilé-ìwé yìí gbé iṣẹ́ àyẹ̀wò ilé wọn fún ilé-iṣẹ́ wa, a sì dúpẹ́ fún àǹfààní náà. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà mẹ́ta ni ilé náà, ọdún 1984 ni a kọ́ ọ; ó gùn ní mítà 36, ó sì fẹ̀ ní mítà 9. A kò rí àwòrán ìkọ́lé àtijọ́ gbà.
>
> "Oríṣi àyẹ̀wò mẹ́rin ni a ṣe. A fi òòlù àyẹ̀wò lu ojú kọnkéré, a fi ẹ̀rọ rán ìró gba inú rẹ̀ kọjá, a fọ́n kẹ́míkà sí i láti mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ti jẹ ẹ́ dé, a sì gbẹ́ kọnkéré jáde lára òpó mélòó kan láti lọ tẹ̀ ẹ́ fọ́ ní yàrá àyẹ̀wò. Ìlànà tó péye ni a tẹ̀ lé nínú gbogbo rẹ̀.
>
> "Lápapọ̀, ilé náà dúró dáadáa fún ọjọ́ orí rẹ̀. Páànù òrùlé ti dípẹtà níbi mélòó kan, gọ́tà kan ti já bọ́, ọ̀dà ògiri ti ń ṣí, ilẹ̀kùn kíláàsì mẹ́ta kò sì ṣe é tì mọ́.
>
> "Àyẹ̀wò òpó 12 nísàlẹ̀ ilé fi hàn pé ìpíndọ́gba agbára kọnkéré wọn jẹ́ 19.3 N/mm², èyí tó lọ sílẹ̀ díẹ̀ sí 25 N/mm² tí a retí.
>
> "A tún ṣàkíyèsí pé omi ń jò láti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sí ẹ̀yìn ilé, ó sì ti ṣe àkóbá fún òpó mélòó kan lápá ibẹ̀ (C9 dé C12), níbi tí iye tí a rí ti kéré sí ti àwọn yòókù, tí irin sì ti dípẹtà díẹ̀, àlàyé wà ní Orí 5. Táǹkì omi méjì wà lórí dẹ́kìn òkè.
>
> "A gbà yín nímọ̀ràn pé kí ẹ kun ilé lọ́dà, kí ẹ tún gọ́tà ṣe, kí ẹ dí omi tó ń jò, kí ẹ ronú lórí àtúnṣe àwọn òpó tó bá yẹ, kí ẹ sì ṣe àyẹ̀wò síwájú sí i bó bá pọn dandan."

Kí ni ìgbìmọ̀ yóò rí dì mú nínú èyí? Pé ilé náà dúró dáadáa, pé ó fẹ́ ọ̀dà, pé gọ́tà já. Akáńtáǹtì yóò béèrè iye tí ọ̀dà jẹ́. Wọ́n á sún ọ̀rọ̀ òpó sí ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí owó ilé-ìwé bá wọlé. Ìpàdé á parí ní wákàtí kan, oníkálukú á sì lọ sílé pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀.

Ẹ wá bá mi ṣí Orí 5, ní ojú ewé 41, níbi tí tábìlì nọ́ńbà wà. Nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní N/mm² yẹn ló ń sọ bí a ṣe lè tẹ kọnkéré mọ́lẹ̀ tó kó tó fọ́. Bó bá ṣe ga tó ni kọnkéré ṣe le tó. Òpó mẹ́jọ tó wà níwájú àti láàárín ilé ń lọ bíi 24. Ìyẹn kò burú. Òpó mẹ́rin tẹ̀yìn ń lọ bíi 10. Ẹ kó mẹ́jọ tó jẹ́ 24 àti mẹ́rin tó jẹ́ 10 pọ̀, ẹ pín in sọ́nà 12: ohun tí yóò jáde ni 19.3. Kò sí òpó kan ṣoṣo nínú ilé náà tí agbára rẹ̀ jẹ́ 19.3. Ẹnjiníà ṣe ìṣirò tó tọ̀nà, ó sì gbé nọ́ńbà kan jáde tí kò ṣàpèjúwe ohunkóhun tó wà lórí ilẹ̀. Àwọn òpó tó lágbára ló fi agbára wọn bo àwọn aláìlera mọ́lẹ̀ lórí ìwé, bẹ́ẹ̀ wọn ò lè ràn wọ́n lọ́wọ́ nínú ilé gidi, nítorí ẹrù tó wà lórí òpó ẹ̀yìn, òpó ẹ̀yìn ni yóò gbé e.

Ojú ewé 43 sọ ti irin. Rọ́ọ̀dù tó nípọn ní mílímítà 16 nígbà tí wọ́n kọ́lé ti kù sí 12 níbi tó burú jù. Ẹni tó bá gbọ́ pé mílímítà mẹ́rin lọ nínú 16 lè sọ pé ìdá mẹ́rin kan péré ni, ó ṣì kù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ojú rọ́ọ̀dù níbi tí a bá ti gé e ni agbára rẹ̀ wà, kì í ṣe nínú bó ṣe nípọn láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì. Ojú rọ́ọ̀dù mílímítà 16 fẹ̀ tó 201 mm². Ti 12 jẹ́ 113. Ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún irin náà ló ti lọ. Èyí ni àkópọ̀ pè ní "díẹ̀".

Ọ̀rọ̀ táǹkì ló yà mí lẹ́nu jù. Nínú àkópọ̀, wọ́n kàn ní táǹkì méjì wà lórí dẹ́kìn, bí ẹni ń ka ẹrù inú ilé. Inú ìwé ni ẹ ó ti rí i pé lítà 5,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbà, pé ẹ̀yìn tí wọ́n kọ́lé tán ni wọ́n gbé wọn gòkè, àti pé òpó mẹ́rin ẹ̀yìn yẹn gan-an ni wọ́n dúró lé. Lítà omi kan wúwo tó kílò kan. Bí méjèèjì bá kún, tọ́ọ̀nù 10 ló jókòó sórí òpó tí kọnkéré rẹ̀ kò tó ìdajì ohun tó yẹ kó jẹ́, tí irin rẹ̀ sì ti jẹ. Ẹnjiníà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ojú ewé 47, ó ṣe ìṣirò, ó sì kọ ọ́ pé nígbà tí táǹkì bá kún tí akẹ́kọ̀ọ́ sì wà ní kíláàsì, C10 àti C11 ń gbé ju ohun tó yẹ kí wọ́n gbé lọ. Ní ojú ewé 49, ó kọ ọ́ pé kí wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kíláàsì mẹ́fà tó wà lórí àwọn òpó náà. Gbólóhùn yìí kò dé inú àkópọ̀ rárá.

Ó rọrùn láti sọ pé ẹnjiníà fẹ́ fi nǹkan pamọ́. Mi ò rò bẹ́ẹ̀. Bí ó ṣe ṣiṣẹ́ ló ṣe kọ ọ́. Ó gba lẹ́tà, ó dé ibẹ̀, ó wọn ilé, ó yọ irinṣẹ́, ó rìn yí ká, ó rí gọ́tà, ó rí òpó, ó padà sí ọ́fíìsì láti ronú lórí ìmọ̀ràn. Àkópọ̀ tẹ̀ lé ìrìn yẹn ní ẹsẹẹsẹ, nítorí náà ohun tó rí gbẹ̀yìn ló kọ gbẹ̀yìn. Àyẹ̀wò òpó sì ló máa ń gbẹ̀yìn, torí ó fẹ́ ìwé àbájáde láti yàrá àyẹ̀wò. Ẹ tún fi ìwà ọmọlúàbí kún un: ẹni tó ń bá àgbà sọ̀rọ̀ kì í fẹ́ já ọ̀rọ̀ burúkú lulẹ̀ lójijì, ó máa ń fi "díẹ̀" àti "mélòó kan" rọ̀ ọ́. Lẹ́nu ọ̀nà ilé olóore, ó dára. Nínú ìwé tí wọn yóò fi pinnu bóyá ọmọ yóò jókòó sábẹ́ dẹ́kìn, ó léwu.

Àwọn tó mọṣẹ́ jù wá lọ náà ti ṣe irú rẹ̀. Ní ọjọ́ 16 oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2003, ọkọ̀ Columbia ti NASA gbéra lọ sí gbalasa òfurufú láti ìpínlẹ̀ Florida ní Amẹ́ríkà, pẹ̀lú èèyàn méje nínú. Ọkọ̀ náà kò tíì gòkè fún ìṣẹ́jú méjì tí fóòmù kan fi ṣí kúrò lára táǹkì epo ńlá rẹ̀, tó sì lọ gbá ìyẹ́ apá òsì. Nígbà tí àwọn èèyàn náà ṣì wà lókè, àwọn ẹnjiníà yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, wọ́n sì gbé àbájáde rẹ̀ sórí àwọn ojú ewé tí wọ́n ń fi hàn níwájú àwọn ọ̀gá. Ọ̀kan nínú àwọn ojú ewé yẹn ti di ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni káàkiri ayé. Àkọlé rẹ̀ fọkàn ẹni balẹ̀: ó ní àyẹ̀wò tí wọ́n ti ṣe tẹ́lẹ̀ fi hàn pé ìṣirò wọn ti fi ààyè sílẹ̀ fún ìṣọ́ra. Nísàlẹ̀ pátápátá, ní lẹ́tà kékeré, ni ohun tó yẹ kó wà lókè wà: fóòmù tí wọ́n fi ṣe àyẹ̀wò àtijọ́ jẹ́ ínṣì kúbíìkì 3, èyí tí wọ́n fojú bù pé ó gbá ọkọ̀ yìí sì jẹ́ 1,920. Ìyẹn ni pé ohun tó gbá ọkọ̀ tóbi ní ìlọ́po 640 ju ohun tí àyẹ̀wò mọ̀ lọ. Ní èdè mìíràn, àyẹ̀wò tí àkọlé gbára lé kò lè sọ ohun kan nípa ewu tó wà nílẹ̀.

Ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kejì, nígbà tí Columbia ń padà bọ̀, afẹ́fẹ́ gbígbóná gba ihò ìyẹ́ náà wọlé, ọkọ̀ fọ́ sí wẹ́wẹ́ lójú sánmà Texas, àwọn méjèèje sì kú. Ìgbìmọ̀ tí wọ́n gbé kalẹ̀ láti ṣèwádìí gbé ìjábọ̀ rẹ̀ jáde ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, wọ́n sì tẹ ojú ewé náà sínú rẹ̀ pẹ̀lú àlàyé Edward Tufte, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń kọ́ni bí a ṣe ń gbé ìsọfúnni kalẹ̀ fún ojú. Ojú ewé kan kọ́ ló pa wọ́n. Ìwádìí náà rí àìdáa púpọ̀ nínú bí ilé-iṣẹ́ ọ̀hún ṣe ń ṣèpinnu. Ṣùgbọ́n òótọ́ tó ṣe pàtàkì jù wà lórí ìwé níwájú àwọn ọ̀gá, kò sì sẹ́ni tí ìwé náà mú kó dìde lórí àga.

Ká padà sílé-ìwé wa. Ẹni tí wọ́n bá ní kó tún àkópọ̀ yìí kọ kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ láti gbólóhùn àkọ́kọ́ kó máa tún èdè ṣe. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀, àkópọ̀ tó dùn ún kà nípa ọ̀dà ni yóò kọ. Ìwé gan-an ni kó kọ́kọ́ kà, pàápàá tábìlì, ìṣirò àti orí ìmọ̀ràn, kó mú pẹ́ńsù lọ́wọ́, kó sì máa bi ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìbéèrè kan: bí ìgbìmọ̀ kò bá mọ èyí, ìpinnu wo ni wọn yóò ṣì ṣe? Gígùn ilé ńkọ́? Kò sí èyí tí wọn yóò ṣì ṣe. Ó lọ. Ìdúpẹ́ lọ. Orúkọ irinṣẹ́ mẹ́rin lọ sí Orí 3, níbi tí ẹnjiníà mìíràn yóò ti wá wọn lọ bó bá fẹ́ yẹ iṣẹ́ náà wò. Ọ̀dà, ilẹ̀kùn àti gọ́tà di ojú ewé kan lẹ́yìn ìwé fún ẹni tó ń bójú tó ilé. Nígbà tí a bá ṣe èyí tán, ohun tó kù lọ́wọ́ kò pọ̀: òpó mẹ́rin, irin tó jẹ, táǹkì méjì, akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì mẹ́fà.

Lẹ́yìn ìyẹn, kó tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí àkókò ṣe ń kán. Ìgbìmọ̀ kì í pinnu lórí kọnkéré; ohun tí wọ́n ń pinnu ni ohun tí wọn yóò ṣe lónìí, ohun tí wọn yóò ṣe lọ́sẹ̀ yìí, àti ohun tó lè dúró de owó. Kí nọ́ńbà kankan má sì dá nìkan rìn. "10" kò sọ nǹkan kan fún ìyálọ́jà. "10 níbi tó yẹ kó jẹ́ 25" sọ gbogbo rẹ̀. Àwọn tó jẹ́ oníṣòwò mọ ohun tó ń jẹ́ kí ẹrù dín sí ohun tí wọ́n sanwó fún.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ tún un kọ ní ọ̀nà yìí, mo fi gbólóhùn kan kún un láti tu ìgbìmọ̀ nínú: "Apá iwájú ilé kò léwu." Ẹ wo ibi tí àtúnkọ ti ń ṣìnà nìyẹn. Ìwé kò sọ bẹ́ẹ̀ níbikíbi. Ó ní kí wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ kúrò ní kíláàsì mẹ́fà, kò sì sọ nǹkan kan nípa ìyókù. Ẹnjiníà tó bá ka gbólóhùn yẹn yóò fi pẹ́ńsù pupa sọdá lórí rẹ̀, nítorí dẹ́kìn ẹ̀yìn àti ti iwájú so pọ̀. Bí òpó méjì bá yẹ̀ lẹ́yìn, wọ́n lè fa iwájú lọ́wọ́. Kí wọ́n tó fi òpó irin ti ẹ̀yìn, kò sẹ́ni tó lè sọ pé iwájú wà lálàáfíà. Èyí túmọ̀ sí pé ìmọ̀ràn ojú ewé 49 fúnra rẹ̀ kò le tó, gbogbo ilé ló yẹ kí wọ́n kó akẹ́kọ̀ọ́ kúrò fún ìgbà díẹ̀. Bí àkópọ̀ bá ṣe kedere tó báyìí, ihò tó wà nínú ìmọ̀ràn máa ń yọ síta. Ohun tó tọ́ ni pé kí ẹnjiníà tún ojú ewé 49 ṣe pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀ kí àkópọ̀ tó sọ ọ́. Olóòtú kò gbọdọ̀ fi ìmọ̀ràn tí kò sí nínú ìwé sínú àkópọ̀.

Ìbéèrè kejì tó yẹ kí olóòtú bi ẹnjiníà ni ti omi. Àkópọ̀ àtijọ́ mú kó dà bíi pé omi ló fa gbogbo rẹ̀. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ yóò sọ pé kí wọ́n dí omi, kí òpó gbẹ, ọ̀rọ̀ parí. Òótọ́ ni pé omi ló jẹ irin. Kọnkéré tó wà ní 10, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti pò ó ní 1984, bóyá omi pọ̀ jù nínú rẹ̀ tàbí símẹ́ǹtì kò tó. Dídí omi kò ní sọ 10 di 25. Gbólóhùn yìí gbọdọ̀ wà nínú àkópọ̀, nítorí ó ń ti ilẹ̀kùn ìpinnu tó rọrùn tí kò sì tọ̀nà.

Àtúnkọ rẹ̀ nìyí, lẹ́yìn tí ẹnjiníà ti buwọ́ lu àyípadà:

> "Òpó mẹ́rin tó wà lẹ́yìn ilé (C9 dé C12) kò lágbára tó láti gbé ohun tó wà lórí wọn. A rọ ìgbìmọ̀ láti fọwọ́ sí nǹkan mẹ́ta ní ìpàdé yìí.
>
> "Lónìí: kí akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ kúrò nínú gbogbo ilé náà, kí a sì tú omi táǹkì méjèèjì orí dẹ́kìn dànù. Bí wọ́n bá kún, tọ́ọ̀nù 10 ni wọ́n, orí òpó mẹ́rin yìí ni wọ́n sì wà.
>
> "Láàárín ọ̀sẹ̀ kan: kí a fi òpó irin ti dẹ́kìn ẹ̀yìn láti ilẹ̀ dé àjà òkè. Bí a bá yẹ̀ ẹ́ wò tó sì tẹ́ wa lọ́rùn, a ó ṣí kíláàsì iwájú padà. Kíláàsì mẹ́fà tẹ̀yìn yóò ṣì wà ní títì.
>
> "Láàárín oṣù mẹ́ta: kí a fi irin àti kọnkéré tuntun bo òpó mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí a sì dí omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Dídí omi nìkan kò ní dá agbára òpó padà. Ìdíyelé wa jẹ́ mílíọ̀nù 14 sí 18 náírà (ojú ewé 58).
>
> "Ohun tí a rí: agbára kọnkéré àwọn òpó mẹ́rin yìí jẹ́ nǹkan bí 10 N/mm², níbi tó yẹ kó jẹ́ 25, òpó mẹ́jọ yòókù jẹ́ nǹkan bí 24 (ojú ewé 41). Níbi tó burú jù, ìpẹtà ti jẹ ìdá 44 nínú ọgọ́rùn-ún irin òpó (ojú ewé 43). Nígbà tí táǹkì bá kún tí akẹ́kọ̀ọ́ sì wà ní kíláàsì, C10 àti C11 ń gbé ju ohun tó yẹ lọ (ojú ewé 47).
>
> "Ohun tí a kò tíì mọ̀: a kò gbẹ́lẹ̀ wo ìpìlẹ̀. Méjì nínú òpó mẹ́rin náà ni a gbẹ́ kọnkéré jáde lára wọn; òòlù àyẹ̀wò nìkan ni a fi wọn méjì yòókù. Bí ohun tí a kò mọ̀ yìí bá yọjú, ó lè fi kún owó àtúnṣe, ṣùgbọ́n kò ní yí ohun tó yẹ kí a ṣe lónìí padà."

Ìpínrọ̀ tó gbẹ̀yìn yẹn ni ọ̀pọ̀ olóòtú máa ń fẹ́ gé kúrò, torí wọ́n rò pé ó ń dín agbára ọ̀rọ̀ kù. Ẹ fi í sílẹ̀. Òòlù àyẹ̀wò kì í rí ju ojú kọnkéré lọ, kọnkéré tó ti pẹ́ sì máa ń le lójú ju inú lọ, nítorí náà òòlù lè sọ pé òpó lágbára ju bó ṣe rí lọ. Èyí tí a gbẹ́ jáde tí a sì tẹ̀ fọ́ ni a lè gbára lé jù. Ìgbìmọ̀ tó mọ̀ pé méjì nínú mẹ́rin ni a gbẹ́ yóò fi owó díẹ̀ pamọ́ de ohun tó lè jáde. Èyí tí kò mọ̀ yóò pe ẹnjiníà ní ọ̀lẹ nígbà tí owó bá lé sí i.

Ẹ tún wo ohun tí àtúnkọ kò sọ. Kò sọ pé ilé yóò wó. Ẹnjiníà kò mọ ọjọ́, ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n, bí a bá sì kọ ọ́ báyìí, lọ́yà inú ìgbìmọ̀ yóò béèrè ibi tó wà nínú ìwé, gbogbo ìjábọ̀ á sì di ohun àríyànjiyàn. "Kò lágbára tó" ní ìṣirò lẹ́yìn, ó sì tó láti mú kí ọmọ jáde.

Kí a tó fi ránṣẹ́, iṣẹ́ méjì ló kù. Kí ẹnì kan mú nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan nínú àkópọ̀, kó ṣí ojú ewé tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó rí i pẹ̀lú ojú ara rẹ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù ni pé wọ́n ti tún tábìlì ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti kọ àkópọ̀ tán, tí nọ́ńbà àtijọ́ sì ṣì jókòó síwájú. Lẹ́yìn ìyẹn, kí a fún ẹni tí kò mọ̀ nípa ilé kíkọ́ ní àkópọ̀ náà, bóyá akọ̀wé ọ́fíìsì, kó kà á fún ìṣẹ́jú kan, kí a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kí a bi í pé: kí ló bàjẹ́, kí ni kí a ṣe, ìgbà wo? Bó bá ta kókó sí èyíkéyìí, a kò ní bá a wí. Ìwé ni kí a padà tún ṣe. Pẹ̀lú àkópọ̀ àkọ́kọ́, ọ̀dà ni yóò kọ́kọ́ dárúkọ.

Àwọn ẹnjiníà kan yóò bínú sí gbogbo èyí. Wọ́n á ní a ti gé iṣẹ́ àwọn kúrú, pé ẹni tó sanwó fẹ́ rí làálàá tí àwọn ṣe, àti pé ọ̀rọ̀ tó rọ̀ ló ń dáàbò bo àwọn bí nǹkan bá bàjẹ́. Ti làálàá, mo gbà. Ojú ewé 62 wà fún un, ẹ kún un bó ṣe wù yín. Ti ààbò, èrò mi yàtọ̀. Ìwé tó fi òótọ́ sí ojú ewé 47, tó sì kọ "dúró dáadáa" sí ojú ewé kìn-ín-ní, kò dáàbò bo ẹnikẹ́ni. Ó ń jẹ́rìí pé òǹkọ̀wé mọ̀, kò sì sọ ọ́ níbi tí wọ́n á ti gbọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé iṣẹ́ fún ẹnjiníà, yálà ilé-ìwé, ìjọ, mọ́ṣáláṣí tàbí ẹgbẹ́ onílé, ẹ lè ṣe nǹkan kan láti òní. Nínú lẹ́tà tí ẹ ó fi gbé iṣẹ́ fún wọn, ẹ kọ ọ́ pé ojú ewé kìn-ín-ní ìjábọ̀ gbọdọ̀ sọ ohun tó yẹ kí ẹ ṣe, ìgbà tó yẹ kí ẹ ṣe é, iye tí yóò ná yín, àti ohun tí wọn kò tíì mọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà ojú ewé tí ẹ̀rí wà. Bí ìjábọ̀ bá dé tí gígùn ilé sì ni ẹ kọ́kọ́ bá pàdé níwájú, ẹ dá a padà fún àtúnkọ kí ẹ tó san owó tó kù.